Èrè wà, owó kò sí: báwo ni mo ṣe máa gbé èsì kọ́tà yìí síwájú bọ́ọ̀dù?

Akọ̀wéOwó_Àlékúwodò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ níbí ní Òṣogbo ni mo ti ń ṣe akáúńtáǹtì. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èmi ni màá gbé èsì kọ́tà kẹta, oṣù Keje sí Kẹsàn-án, síwájú bọ́ọ̀dù. Ẹni méje ni wọ́n. Bàbá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí wà níbẹ̀, ìyá oníṣòwò àgbàdo kan, pásítọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, lóyà, àtàwọn méjì mìíràn tó ń ṣòwò. Kò sí ẹni tó kọ́ nípa owó nínú wọn. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi máa ń ka ìwé gbọọrọ fún wọn láti orí dé ìdí, wọn á dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ẹnì kan á wá ní, “Ẹ ní a jèrè, owó ọ̀hún dà?” Ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fún mi. Kí ni kí n gbé síwájú wọn, kí ni kí n fi sílẹ̀?

SíláìdìPẹ́pẹ́

Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ẹ má kàwé fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di àwòrán. Àgbàlagbà ò lè jókòó máa wo òǹkà tó kún ojú ìwé. Ẹ ya ọ̀pá aláwọ̀ mèremère, ti èṣí lápá òsì, ti ọdún yìí lápá ọ̀tún. Ọjà títà ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú, torí òun ló sábà máa ń lọ sókè. Bí wọ́n bá ti rí i pé ọ̀pá ọdún yìí ga ju ti èṣí lọ, ara wọn á balẹ̀. Owó báńkì, ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá bèèrè, ẹ fò ó kọjá.

ÌyáAlájẹṣẹ́kù

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Tiwa ní Òkè-Baálẹ̀, oúnjẹ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí akápò tó ṣí ìwé, kúlà ìrẹsì ti ṣí. Ẹni tó bá ti yó kì í pariwo. Ohun tí gbogbo wọn sì ń wá gbọ́ ò ju ìpín wọn lọ. Ẹ sọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan fún wọn, àdúrà ló kù. Lọ́dún tó kọjá, ibi ìpín yẹn ni ìjà ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, torí àwọn kan yá owó tí wọn ò tí ì san padà, wọ́n sì tún fẹ́ gba ìpín.

Àgbà_ÒkèFìà

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìpàdé ọdọọdún ti ẹgbẹ́ lẹ ń sọ yẹn, ibi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ń péjọ. Ti àbúrò yìí yàtọ̀ mà. Ẹni méje ló fẹ́ jókòó pinnu nǹkan lórí kọ́ńpìnnì, bí wọ́n bá sì pinnu lódì, ilé-iṣẹ́ ló máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tó yáwó tí wọn ò san, ẹ ò jìnnà sí ibi tí mo rò pé ìṣòro àbúrò wà.

Àbúrò, fi òǹkà rẹ síbí ká rí i. O lè yí i padà díẹ̀ kí wọ́n má bàa dá yín mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni: iye àpò tí ẹ tà àti iye tí ẹ tà á, ti ọdún yìí àti ti èṣí, èrè, owó tó wà ní báńkì níbẹ̀rẹ̀ kọ́tà àti níparí rẹ̀, gbèsè yín tó wà níta, àgbàdo tó wà ní sítọ̀, àti gbèsè báńkì tí ẹ san.

Akọ̀wéOwó_Àlékúwodò

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ti sọ ọ́ di òǹkà tó ṣeé kà.

Ní kọ́tà kẹta èṣí, a ta àpò 6,000 ní náírà 12,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 72. Lọ́dún yìí, àpò 5,000 ni a tà ní náírà 18,000, mílíọ̀nù 90. Èrè jẹ́ mílíọ̀nù 6 ní èṣí, mílíọ̀nù 6 náà ni lọ́dún yìí. Mílíọ̀nù 18 ló wà ní báńkì nígbà tí oṣù Keje bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án parí, mílíọ̀nù 8 ló kù. Gbèsè wa lọ́wọ́ àwọn ọlọ́sìn adìyẹ lọ láti mílíọ̀nù 9 sí 14. Àgbàdo tó wà ní sítọ̀ fi mílíọ̀nù 9 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí a rà á sílẹ̀ nígbà ìkórè. A san mílíọ̀nù 3 padà fún báńkì lára owó tí a yá, yàtọ̀ sí èlé. Owó tí a yọ fún ẹ̀rọ tó ń gbó jẹ́ mílíọ̀nù 1.

SíláìdìPẹ́pẹ́

Ẹ ò rí i? 72 sí 90! Ọ̀pá yẹn á ga dáadáa. Ẹ fi í ṣe síláìdì àkọ́kọ́.

Àgbà_ÒkèFìà

Bọ̀dá Síláìdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ gbéra rẹ̀ sínú wàhálà. Ọ̀pá tí ẹ ń sọ yẹn, òótọ́ ni, ó sì ń tanni jẹ. Owó ọjà fi ìdá kan nínú mẹ́rin gòkè, àpò tí wọ́n tà sì fi ẹgbẹ̀rún kan wálẹ̀, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́fà. Ọ̀wọ́n ọjà ló gbé owó náà sókè, kì í ṣe pé oníbàárà pọ̀ sí i. Bí bọ́ọ̀dù bá wo ọ̀pá yẹn nìkan, wọ́n lè ní kí ẹ lọ ra ẹ̀rọ ìlọ míì, nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ gan-an ò ríṣẹ́ ṣe tó.

Ohun tí màá ṣe rèé bí ó bá jẹ́ èmi. Màá mú àpò kan ṣoṣo, màá sì tú u fún wọn. Àpò tí a tà ní náírà 18,000 lọ́dún yìí, náírà 14,400 ti bá àgbàdo, sóyà àtàwọn èròjà yòókù lọ. Náírà 2,400 bá owó òṣìṣẹ́, dísẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀, èlé báńkì àti ẹ̀rọ tó ń gbó lọ. Náírà 1,200 ló kù fún wa. Sọ ọ́ di ìlọ́po 5,000, mílíọ̀nù 6 rẹ nìyẹn. Bó o ṣe ṣe é fún ọdún yìí, ṣe é fún èṣí náà. Èrè 1,000 ni àpò kan mú wá ní èṣí, ṣùgbọ́n àpò 6,000 la tà. Kò sí ẹni tó tajà rí nínú bọ́ọ̀dù yẹn tí èyí ò ní yé. Ìyá oníṣòwò àgbàdo yẹn lè máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó kù kó o tó parí ọ̀rọ̀.

Kí o tó tẹ̀ síwájú, má ṣe fi kọ́tà kẹta wé kọ́tà kejì. Adìyẹ tó ń yé ẹyin ń jẹun látìgbà dé ìgbà, àmọ́ adìyẹ ẹlẹ́ran tí wọ́n ń sìn fún ọdún ní àsìkò tirẹ̀. Ti Kérésì, láti oṣù Kẹwàá ni àwọn ọlọ́sìn ti máa ń ra oúnjẹ rẹ̀ lọ́pọ̀, nítorí náà kọ́tà kẹrin á máa ga lójú gbogbo yòókù. Kọ́tà kan náà ní èṣí ni kó o fi wé e. Kódà ìyẹn náà ní ibi tó ti lè ṣìnà: ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ní 2025. Ẹni tó bá wo kọ́tà àkọ́kọ́ àti ìkejì láì rántí ìyẹn á rò pé ọjà bàjẹ́ nínú ọ̀kan, ó sì dára nínú èkejì.

Ó wá ku ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi yín: owó dà? Ojú ìwé kan péré ló ń fẹ́, ìlà méje:

Owó tó wà ní báńkì níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje: mílíọ̀nù 18
Èrè tí a jẹ wọlé: +6
Owó ẹ̀rọ tó ń gbó, tí a yọ nínú èrè ṣùgbọ́n tí a ò san fún ẹnikẹ́ni: +1
Ọjà tí a tà láwìn, tí owó rẹ̀ ò tí ì wọlé: −5
Àgbàdo tí a rà sílẹ̀: −9
Owó tí a san padà fún báńkì: −3
Owó tó kù níparí oṣù Kẹsàn-án: mílíọ̀nù 8

Ìwọ fúnra rẹ rò ó pọ̀, á bára mu. Bí kò bá bára mu, má gbé e lọ, torí ẹnì kan á ro ó pọ̀ níbẹ̀, kódà bí kò bá kọ́ ìṣirò. Kà á sókè fún wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, má sáré. Níbi ìlà ẹ̀rọ tó ń gbó, dúró díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọnù. Sọ fún wọn pé a ti ra ẹ̀rọ náà tipẹ́, a kàn ń pín owó rẹ̀ sórí ọdún tó máa fi ṣiṣẹ́ ni, nítorí náà ó dín èrè kù láì mú kọ́bọ̀ kan jáde ní báńkì lónìí.

SíláìdìPẹ́pẹ́

Ó dáa, mo gbà nípa ti àpò. Ṣùgbọ́n ìlà méje yẹn, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, òǹkà ṣì ni. Àtẹ̀gùn ni kẹ́ ẹ yà á sí: ọ̀pá gíga kan fún 18, ọ̀pá kéékèèké tó ń gun òkè fún èrè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ fún àwìn àti àgbàdo, títí kan ọ̀pá 8. Ẹni tí ò bá tiẹ̀ mọ̀wé kà dáadáa á rí i pé àgbàdo ló gbé owó lọ jù.

Àgbà_ÒkèFìà

Ìyẹn dára gan-an, mo fara mọ́ ọn. Kó tẹ òǹkà sórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún olúkúlùkù. Ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe níbí. Ọjọ́ tí purojẹ́kítọ̀ bá kú, ìpàdé ò gbọdọ̀ kú.

TísàTóFẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì. Mo wà nínú bọ́ọ̀dù kan, kì í ṣe ti àbúrò yìí o. Ohun méjì ló ń dùn mí. Èkíní, wọ́n máa ń fún wa ní ìwé lórí ìjókòó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bèèrè ohun tó mọ́gbọ́n wá lórí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí? Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, a ó kà á nílé, a ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó bá mọ̀ ọ́n.

Èkejì, ẹ ò gbọdọ̀ ké òǹkà kúrú. “Mílíọ̀nù 6, mílíọ̀nù 9.” Èmi kọ́ ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá fún mi ní mílíọ̀nù 6 géré, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pátá, títí dé kọ́bọ̀.

Kí n tún sọ òótọ́ kan. Tí ẹ bá ní “Ṣé ó yé yín?”, gbogbo wa la máa mi orí. Kò sí àgbàlagbà tó máa jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ní kò yé òun.

Akọ̀wéOwó_Àlékúwodò

Bàbá, ẹ ṣé sà. Báwo wá ni màá ṣe mọ̀ bóyá ó yé wọn lóòótọ́?

TísàTóFẹ̀yìntì

Ohun tí wọ́n bá bèèrè ni kó o wò. Bí gbogbo ìbéèrè bá dá lórí owó bébà àti omi inú ike tí ẹ rà, kò yé wọn. Ohun tó yé èèyàn ló máa ń bèèrè lé lórí. Ní bọ́ọ̀dù wa, a ti lo ìdajì wákàtí rí lórí owó kun tí wọ́n fi kun gééètì, a sì fọwọ́ sí owó yíyá báńkì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àgbà_ÒkèFìà

Bàbá, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ níbẹ̀ yẹn sà. Ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ nìkan ni mi ò bá yín dé sà, kì í ṣe àrífín. Bí mo bá kọ 6,147,382.55 síwájú ẹni méje, ojú wọn á máa wá ibi tí kọ́mà wà, wọn ò ní rí i pé èrè kéré sí ohun tó jáde. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mílíọ̀nù ni mo fi ń sọ̀rọ̀ lójú ìwé àkọ́kọ́, àkọsílẹ̀ kíkún títí dé kọ́bọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè fi wọ́n wéra.

TísàTóFẹ̀yìntì

Bí èyí tó kún bá wà lẹ́yìn, kò burú. Ṣùgbọ́n èmi, ẹ̀yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ ṣí.

Akọ̀wéOwó_Àlékúwodò

Ẹ̀yin àgbà, nǹkan kan ṣì wà tí mi ò tí ì sọ. Nínú mílíọ̀nù 14 tó wà níta yẹn, mílíọ̀nù 4 wà lọ́wọ́ ọlọ́sìn kan ṣoṣo ní ọ̀nà Ìkìrun. Adìyẹ rẹ̀ kú púpọ̀. Ó ti ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ tó ti gbé ọjà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọgbọ̀n ọjọ́ la fún un. Máníjà wa ní kí n má dárúkọ rẹ̀ rárá, pé ọkùnrin náà á san, pé bí mo bá sọ ọ́, èrè á dín kù, bọ́ọ̀dù á sì fòyà lásán. Mi ò mọ ohun tí màá ṣe.

SíláìdìPẹ́pẹ́

Ọ̀gá rẹ ló ń sanwó oṣù rẹ. Tẹ̀lé e.

Lóyà_ÒgoOlúwa

Ẹ ṣọ́ra o. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, Kámà tí gbogbo wa mọ̀, kò sọ pé ẹni tí kò bá mọ ìṣirò lọ lómìnira. Olùdarí kọ̀ọ̀kan ló máa dáhùn fún ìpinnu bọ́ọ̀dù tó bá lọ́wọ́ sí, àmójútó kan náà sì ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wá sí ìpàdé nìkan àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Pásítọ̀ àti nọ́ọ̀sì yẹn, lórí ohun tí ẹ bá gbé síwájú wọn ni wọ́n máa fọwọ́ sí. Bí ẹ bá fi gbèsè tó ń kú lọ pamọ́ fún wọn, wọ́n á fọwọ́ sí ohun tí wọn ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpín tún wà níbẹ̀. Inú èrè nìkan ni kọ́ńpìnnì ti lè san ìpín, bí ìdí bá sì wà láti gbà pé lẹ́yìn tí wọ́n bá san án, wọn ò ní lè san gbèsè wọn nígbà tó bá tó, òfin ní wọn ò gbọdọ̀ kéde rẹ̀. Ẹni tó bá rí èrè mílíọ̀nù 6 lójú ìwé máa bèèrè ìpín. Mílíọ̀nù 8 péré ló sì wà ní báńkì.

ÌyáAlájẹṣẹ́kù

Ohun tí mo wí nìyẹn o! Ìpín ni wọ́n máa bèèrè. Ẹ kò gbọ́ tèmi ni.

Àgbà_ÒkèFìà

Ìyá, a gbọ́ yín mà.

Àbúrò, má bá máníjà jà, má sì fi nǹkan pamọ́. Ṣe òǹkà ní ọ̀nà méjì kó o gbé e lọ bá a kí ìwé tó jáde. Ká ní ẹ gbà pé ìdajì gbèsè ọkùnrin yẹn lè má wọlé mọ́. Ẹ yọ mílíọ̀nù 2 nínú èrè, ó di mílíọ̀nù 4. Gbèsè tí ẹ kà sí èyí tó máa wọlé náà á dín ní mílíọ̀nù 2, á di 12 dípò 14. Wá tún ìlà yẹn rò: 18, fi 4 kún un, fi 1 kún un, yọ 3 fún àwìn torí láti 9 ló wá di 12, yọ 9 fún àgbàdo, yọ 3 fún báńkì. Mílíọ̀nù 8 ló tún já sí.

Ẹnì kan á bèèrè ní bọ́ọ̀dù pé, “Ẹ yọ mílíọ̀nù 2, kí ló dé tí owó báńkì ò dín?” Múra ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀: owó yẹn ò fìgbà kan wọ báńkì rí. Látìgbà tí ọjà ti jáde lówó náà ti wà níta. Òní la kàn ń gbà pé ó lè má padà.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí máníjà fúnra rẹ̀ fẹ́ kí ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ nísinsìnyí, mílíọ̀nù 2 ni, pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí i. Bí ọkùnrin náà ò bá san títí ọdún fi parí, tí ọ̀dítọ̀ wá yọ gbogbo mílíọ̀nù 4 lẹ́ẹ̀kan náà, ìbéèrè bọ́ọ̀dù ò ní jẹ́ ti owó mọ́, á di “Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?” Fi ọ̀rọ̀ náà tó alága létí pẹ̀lú, kí máníjà fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Alága kì í fẹ́ kí ohun kan bá òun lójijì níwájú àwọn tó kù.

Nípa ogún ìṣẹ́jú rẹ, má sọ ju ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ lọ. Àpò kan, ìlà méje, ọlọ́sìn ọ̀nà Ìkìrun, lẹ́yìn náà kó o sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n pinnu. Kí ìpinnu náà wà lókè ojú ìwé àkọ́kọ́ gan-an, kì í ṣe nísàlẹ̀. Fún àpẹẹrẹ: kí ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọjọ́ má gba ọjà láwìn mọ́ àfi bó bá san, kí ẹ má san ìpín ní kọ́tà yìí. Àkókò tó kù, tiwọn ni.

SíláìdìPẹ́pẹ́

Bí ẹ bá dá àwìn dúró, àpò tó ti wálẹ̀ sí 5,000 á tún wálẹ̀ sí i. Ọlọ́sìn wo ló lówó láti san lójú ẹsẹ̀ lákòókò yìí? Gbogbo wọn á sáré lọ sí Ẹdẹ tàbí Ìwó, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà láwìn.

Àgbà_ÒkèFìà

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò ní tan yín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi jẹ́ pé bọ́ọ̀dù ló yẹ kó pinnu rẹ̀, kì í ṣe akáúńtáǹtì. Kí àbúrò kọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì síwájú wọn. Àpò kan ń mú 1,200 wọlé. Àpò kan tí wọn ò san owó rẹ̀ ti gbé 14,400 èròjà lọ, ká má tíì ka dísẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀. Àpò méjìlá tí a san owó rẹ̀ ni a ní láti tà ká tó rí owó èròjà àpò kan tó kú padà. Àwọn oníṣòwò inú bọ́ọ̀dù á mọ ibi tí wọ́n fẹ́ dúró sí.

Akọ̀wéOwó_Àlékúwodò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. A ti ṣe ìpàdé. Mo fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe wí, máníjà sì gbà kí a yọ mílíọ̀nù 2 yẹn lẹ́yìn tó rí òǹkà méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Wọ́n bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pariwo.

Àtẹ̀gùn tí Bọ̀dá Síláìdì ní kí n yà ló ṣiṣẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì fi ìka sí ọ̀pá àgbàdo, ó ní, “Owó ò sọnù, ó wà nínú sítọ̀.” Ọ̀rọ̀ ìpín jáde, lóyà sì dá wọn lóhùn kí n tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ àwìn ni wọn ò tí ì parí. Mẹ́rin fẹ́ kí a dá a dúró, mẹ́ta ní ká fún àwọn oníbàárà àtijọ́ láyè títí Kérésì fi kọjá. Wọ́n sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ká mi lẹ́nu. Ìyá tó ń ṣòwò àgbàdo wo ọ̀pá yẹn títí, ó wá bi mí pé, “Ọmọ mi, àgbàdo tí ẹ rà ní tútù ní oṣù Kẹjọ yìí, ìwọ̀n tútù lẹ fi kọ ọ́ síbí ni àbí ìwọ̀n gbígbẹ?” Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wádìí. Ìwọ̀n ọjọ́ tí a rà á ló wà nínú ìwé wa. Kí ni ìyẹn máa ṣe sí òǹkà mi?

Àgbà_ÒkèFìà

Á! Ìyá yẹn ju ọ̀dítọ̀ lọ. Àgbàdo tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100, bí ẹ bá gbẹ ẹ́ dé 13 kó má bàa bu, 100 kílò rẹ̀ á di bíi 92. Owó tí ẹ fi rà á ò yí padà, nítorí náà mílíọ̀nù 9 yẹn lè má yí padà. Kílò rẹ̀ ló dín kù, kílò kọ̀ọ̀kan tó kù sì ti wọ́n ju ohun tó wà nínú ìwé yín lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé bí ẹ bá ti ń lo owó kílò tútù láti ṣírò àpò tí ẹ tà, èròjà àpò kan ti ju 14,400 lọ, èrè 1,200 yẹn náà ò pé mọ́. Ìwé á sì ní àgbàdo ṣì wà nígbà tí sítọ̀ bá ti ṣófo.

Lọ wọ̀n ọ́n ní sítọ̀ lọ́la kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Fi iye kílò tó o bá bá ńbẹ̀ síbí, àti iye tí ìwé ní ó yẹ kó wà, ká jọ tún àpò yẹn tú.

ÌyáAlájẹṣẹ́kù

Ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ o, kí àwọn ọmọ sítọ̀ tó kó jáde. Ta ni ó di kọ́kọ́rọ́ mú?